Bí Ẹ Ó Ṣe Fi Iṣẹ́ Ránṣẹ́ Láìtún Un Wò Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá

Iṣẹ́ ti parí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ni ín sì ń ṣí i lójoojúmọ́, ó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ méjì, ó ń dá ọ̀kan padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì ń pa fáìlì náà dé. Bí súpáfáísọ̀ bá pè é lórí fóònù, àyà rẹ̀ á já. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun gan-an ló sábà máa ń ṣiṣẹ́ jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tí òun ò tíì rí, àti pé ọjọ́ tí ẹlòmíì bá rí i, àṣírí òun tú.

"Fọkàn balẹ̀" ni wọ́n máa ń sọ fún un, bí ẹni pé ọkàn ní bọ́tìnnì téèyàn ń tẹ̀. Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ ni kí ó dán ìbẹ̀rù náà wò: kó kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láìtún un wò kọjá ìwọ̀n, kó wá lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú àníyàn ń lo ọ̀nà yìí fún àwọn tí pípé pérépéré ti di ẹrù lé lórí. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Àpẹẹrẹ tí a ó máa bá lọ ni ti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọdún àṣekágbá kan ní yunifásítì. Orí kejì pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gba ojú ìwé méjìdínlógún, ó ti parí, kò sì lè fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ súpáfáísọ̀. A gbé àpẹẹrẹ náà kalẹ̀ kí iye inú rẹ̀ lè hàn kedere ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì lè fi ìròyìn oṣooṣù tàbí í-meèlì rọ́pò orí kejì.

Ohun tí ẹ nílò

Ìwé kékeré kan àti bírò. Kì í ṣe inú fóònù, nítorí ohun tó bá wà nínú fóònù ṣeé tún kọ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ ó sì tún un kọ. Ẹ nílò aago tó ń dún bí àkókò bá pé, ti orí fóònù tó. Ẹ nílò irú iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń wá sọ́wọ́ yín ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí àǹfààní ìdánwò lè pọ̀.

Ẹ kò nílò ọ̀rẹ́ tí yóò máa bá yín kà á wò. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Ìkìlọ̀ kan kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ wíwọn oògùn fún aláìsàn tàbí fífi owó oníbàárà ránṣẹ́, àyẹ̀wò tí òfin iṣẹ́ náà là kalẹ̀ kò gbọdọ̀ dín rárá. Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn méjì wò ó, kí ènìyàn méjì wò ó. Àwọn àyẹ̀wò tí ẹ fi kún un fúnra yín lẹ́yìn ìyẹn ni a fẹ́ gé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ń ṣí i fún ọjọ́ 7

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má yí ohunkóhun padà. Ẹ kàn máa kọ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí iṣẹ́ náà, ẹ kọ aago tí ẹ ṣí i, ìṣẹ́jú tí ẹ lò, àti àtúnṣe tí ẹ ṣe. Ẹ pín àtúnṣe náà sí mẹ́ta. A ni èyí tó yí ìtumọ̀ tàbí máàkì padà: iye tó ṣì, orúkọ òǹkọ̀wé tí ẹ gbàgbé. B ni lẹ́tà tó fò tàbí àmì tó ṣì. D ni ìfẹ́ inú lásán: "síbẹ̀" tó di "ṣùgbọ́n", gbólóhùn tí ẹ gbé sókè tí ẹ tún gbé wálẹ̀.

Ẹ ka àyẹ̀wò tó fara pa mọ́ náà. Bíbéèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ pé "ṣé ó dáa báyìí?" jẹ́ àyẹ̀wò. Kíka í-meèlì tí ẹ ti fi ránṣẹ́ tán láti mọ̀ bóyá ó bójú mu jẹ́ àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni lílọ wo pírójẹ́ẹ̀tì àwọn tó ti jáde láti fi tiyín wé e.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: wọ́n á fẹ́ kí àkọsílẹ̀ iye náà má ní àbùkù kankan. Bí ẹ bá gbàgbé ọjọ́ kan, ẹ kọ "mo gbàgbé" síbẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ẹni tó ya ojú ìwé náà kúrò kó lè tún un kọ ní mímọ́ ti gbé àìsàn náà wọ inú oògùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa ka tirẹ̀. Ó ṣí fáìlì nígbà 23 lọ́sẹ̀ kan, ó lo wákàtí 9, ó ṣe àtúnṣe 46. A jẹ́ 2, B jẹ́ 5, D jẹ́ 39. A méjèèjì ló rí nígbà tó ṣí i lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà 21 tó kù kò mú ohun kan jáde tí súpáfáísọ̀ lè fi máàkì sí.

*Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó yọrí?* Ẹ lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta láìrò ó pẹ́: ìgbà mélòó ni mo ṣí i, A mélòó ló jáde, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti ṣí i kí A tó kẹ́yìn tó jáde? Iye tó dáhùn ìbéèrè kẹta yìí la ó fi ṣiṣẹ́ ní Ìgbésẹ̀ 3.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ ìbẹ̀rù náà bí ohun tó lè já sí irọ́

"Yóò burú" kì í já sí irọ́ láéláé. Kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kò sì dá ọjọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbé inú ẹni fún ọdún mẹ́wàá láìsan owó ilé. Ìbẹ̀rù tó ṣeé dán wò ní apá mẹ́ta: ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí yóò ti ṣẹlẹ̀ tó, àti ohun tí ojú yóò rí tàbí tí etí yóò gbọ́.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ́kọ́ kọ ni: "Súpáfáísọ̀ á mọ̀ pé mi ò mọ̀wé." Ojú kò lè rí ohun tí súpáfáísọ̀ mọ̀. Ó tún un kọ báyìí: "Láàárín ọjọ́ 7, súpáfáísọ̀ á sọ pé kí n tún gbogbo orí kejì kọ láti ìbẹ̀rẹ̀." Ó wá kọ bó ṣe gbà á gbọ́ tó, 80 nínú 100. Ó kọ èkejì nípa ara rẹ̀: "Bí mo bá fi í ránṣẹ́, mi ò ní rí oorun sùn fún òru mẹ́ta." 70 nínú 100.

Nígbà tí ẹ bá ń wá gbólóhùn yìí, ẹ fetí sí ohùn tó ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbé ìwé èsì wálé tí ipò kejì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì bi wá pé, "Ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní ni?" Àwàdà ni lẹ́nu òbí, ṣùgbọ́n ó lè di òṣùwọ̀n tí àgbàlagbà fi ń wọn í-meèlì lọ́fíìsì. Bí ó bá jẹ́ ohùn ilé ni, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn náà. Súpáfáísọ̀ ò sí nílé yín lọ́jọ́ náà, kò sì mọ̀ pé òun ń jẹ́jọ́ rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí èèyàn kọ ìbẹ̀rù tó rọ̀ jù, bíi "ó lè má fẹ́ràn gbogbo rẹ̀." Ìyẹn yóò ṣẹ dájúdájú, kò sì ní kọ́ yín ní nǹkan kan. Ẹ kọ èyí tó ń jẹ́ kí inú yín kọ hùn-ùn. Àṣìṣe kejì ni àìmọ ohun tó wọ́pọ̀. Bí ẹ kò bá mọ iye àtúnṣe tí súpáfáísọ̀ yín máa ń kọ sí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì, 10 yóò jọ ìparun lójú yín. Ẹ bi ọmọ kíláàsì méjì tí wọ́n ti gba tiwọn padà, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Iye nìkan ni kí ẹ bi wọ́n. Ẹ má bi wọ́n bóyá tiyín dáa.

*Àyẹ̀wò:* ẹ rò ó pé gbólóhùn náà wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Bí ọjọ́ 7 bá pé, ṣé ẹni náà lè mọ̀ bóyá ó ṣẹ láìbi yín bí ó ṣe rí lára yín? Bí kò bá lè mọ̀ ọ́n, ẹ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fa ìlà òpin kí ẹ tó dé ibẹ̀

Ẹni tó ń retí kí ọkàn òun sọ pé "ó tó" kó tó dáwọ́ dúró yóò pẹ́ níbẹ̀, nítorí ọkàn tó ń ṣàníyàn kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ni kó sọ ọ́. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní, kí ẹ sì mú wọn láti inú ìlànà ẹ̀ka yín tàbí láti ẹnu ẹni tó rán yín níṣẹ́. Ẹ má mú un láti inú pírójẹ́ẹ̀tì tó dáa jù ní láíbìrì.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iye àyẹ̀wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ, nítorí pé ìgbà kejì ni A rẹ̀ tó kẹ́yìn jáde. Àyẹ̀wò kìíní, ìṣẹ́jú 60, A nìkan ni kó máa wá. Àyẹ̀wò kejì, ìṣẹ́jú 30, B nìkan. Kò sí àyẹ̀wò fún D. Bí aago bá dún nígbà tó wà ní ojú ìwé 16, ojú ìwé 17 àti 18 á lọ bí wọ́n ṣe wà. Ibí yìí ló dùn ún jù, ibí yìí náà sì ni ìdánwò náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fọwọ́ sí i bí ẹni fọwọ́ sí ìwé ilé, nítorí ìlà náà yóò fẹ́ rìn. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Oxford ṣàlàyé èyí ní 2002: bí irú ẹni yìí bá kùnà òṣùwọ̀n tó gbé kalẹ̀, yóò ná ara rẹ̀ lẹ́gba, bí ó bá dé ibẹ̀, yóò ní òṣùwọ̀n náà ti kéré jù, yóò sì gbé e ga. Ọ̀nà méjèèjì, kò sí ìgbà tí yóò jẹ oyè.

*Àyẹ̀wò:* ìlà náà ní iye àti ìṣẹ́jú. Bí "dáadáa", "tó mọ́ gaara" tàbí "tó wúni lórí" bá wà nínú rẹ̀, kò tíì di ìlà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gun àtẹ̀gùn, ẹ má fò

Ẹ má fi orí kejì bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ kọ iṣẹ́ mẹ́rin láti èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ kéré sí èyí tó tóbi, kí ẹ fi 0 sí 10 wọn ẹ̀rù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti akẹ́kọ̀ọ́ wa rèé:

1. Kíkọ ọ̀rọ̀ sí ẹgbẹ́ kíláàsì lórí Wọ́ọ̀sáàpù láìtún un kà, ẹ̀rù 3.
2. Í-meèlì sí akọ̀wé ẹ̀ka, kíkà ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ̀rù 4.
3. Ojú ìwé méjì péré sí súpáfáísọ̀, ẹ̀rù 6.
4. Orí kejì látòkè délẹ̀, ẹ̀rù 9.

Ẹ tún àtẹ̀gùn kan gùn ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, tàbí títí ẹ̀rù rẹ̀ yóò fi dín sí ìdajì, kí ẹ tó gun èyí tó tẹ̀ lé e. Bí àtẹ̀gùn kan bá ti wà tí kò ṣeé tún gùn (ẹ̀ẹ̀kan ni èèyàn máa fi orí kejì sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́), ẹ fi iṣẹ́ tó jọ ọ́ kún un.

Ní àtẹ̀gùn kìíní, ẹ fi lẹ́tà kan tó ṣì sílẹ̀, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. "Ẹ káàrọ̀" tí àmì rẹ̀ kò pé, tàbí orúkọ ọjọ́ tí lẹ́tà kan jábọ́ nínú rẹ̀. Ó dà bí eré, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ẹ̀rù àṣìṣe ti mú, ó le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má ṣe é nínú ìwé tí wọ́n máa fi máàkì sí tàbí tí owó wà nínú rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ti gun àtẹ̀gùn kìíní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti bọ́ sí 1 tàbí 2. Bí ó bá jẹ́ 0 láti ìbẹ̀rẹ̀, ó rọrùn jù, ẹ lọ sí èkejì.

Ìgbésẹ̀ 5: Fífi ránṣẹ́, àti wákàtí tó tẹ̀ lé e

Ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ lọ kò gbọdọ̀ gùn. "Ẹ káàárọ̀ sà. Orí kejì pírójẹ́ẹ̀tì mi rèé. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo ìsọ̀rí kẹta ní pàtàkì. Ẹ ṣé sà." Ó tó.

Ohun tí kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀ ni "ẹ má bínú sà, mo mọ̀ pé àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀, ara mi ni ò yá." Ó jọ ìrẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ba ìdánwò jẹ́. Bí èsì bá dáa, ẹ ó sọ pé àánú ló ṣe wọ́n. Bí ọ̀rẹ́ bá ti bá yín kà á, ẹ ó ní ọ̀rẹ́ ló gbà yín. Ohunkóhun tí ẹ bá fi bo ara lọ́jọ́ ìdánwò ni yóò gba ìyìn, ìbẹ̀rù kò sì ní kúrò níbi tó wà. Ìdí nìyẹn tí a kò fi mú ọ̀rẹ́ dání.

Bí ẹ bá ti fi í ránṣẹ́, ẹ wo aago. Ẹ kọ ẹ̀rù yín lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, 30 àti 60. Láàárín wákàtí yẹn, ẹ má ṣí fáìlì náà, ẹ má wo bóyá wọ́n ti kà á, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n lè fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ẹ fọ aṣọ, ẹ se oúnjẹ, ẹ lọ sọ́jà. Ẹ̀rù yóò ga, yóò dúró díẹ̀, yóò sì máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti akẹ́kọ̀ọ́ wa jẹ́ 9, 8, 6, 4.

Ẹnì kan lè ní, "ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré, ọkàn mi á balẹ̀." Yóò balẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọpọlọ yóò sì kọ́ pé ṣíṣí i ló gba òun lọ́wọ́ ewu. Ó tún ní ohun tó burú jù. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì ní kí àwọn ènìyàn kan máa yẹ iná gáàsì orí kọ̀ǹpútà wò léraléra. Nígbà tó yá, ìrántí wọn kò ṣàṣìṣe ju ti àwọn tí kò yẹ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ó ti di bàìbàì lójú wọn, wọn ò sì fọkàn tán an mọ́. Ẹni tó ka orí kejì lẹ́ẹ̀ẹ̀kejìlélógún kò ní ìdánilójú ju ẹni tó kà á lẹ́ẹ̀mejì lọ. Iyèméjì ló fi kún tirẹ̀.

Bí ẹ bá sì ṣí i ńkọ́? Ẹ kọ "mo ṣí i ní aago báyìí", ẹ pa á dé, ẹ tún aago bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ju ìdánwò náà nù.

*Àyẹ̀wò:* ẹ̀rù ti fi ó kéré tán 2 dín, ẹ kò sì ṣe àyẹ̀wò kankan tó mú un dín.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ka èsì bí ẹni ka owó

Súpáfáísọ̀ dáhùn lọ́jọ́ karùn-ún. Àtúnṣe 14 ló wà níbẹ̀: A jẹ́ 3, B jẹ́ 7, D jẹ́ 4. Nínú A, orúkọ òǹkọ̀wé kan kò sí nínú ìwé ìtọ́kasí, ó da èrò òǹkọ̀wé méjì pọ̀, ìsọ̀rí kẹta sì kúrú. Ó kọ sí ìsàlẹ̀: "Fẹ ìsọ̀rí kẹta, kí o bọ́ sí orí kẹta." Kò ní kó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Òru kan ni kò sùn dáadáa, kì í ṣe mẹ́ta. Ó kọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́: 80 di 35.

Ọkàn kì í gba ìdájọ́ láìpe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. "Inú wọn dùn lọ́jọ́ náà ni." "Wọn ò kà á dáadáa." Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kọ ọ́ bí àsọtẹ́lẹ̀ tuntun, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye, kí ẹ dán an wò pẹ̀lú orí kẹta.

Nígbà míì, ohun tí ẹ bẹ̀rù yóò ṣẹlẹ̀ ní ti gidi. Wọ́n lè ní kí ẹ tún un kọ, tàbí kí ọ̀gá rí iye tó ṣì nínú ìròyìn. Nígbà náà, ẹ ṣe ìṣirò: wákàtí mélòó ni títún un ṣe gbà? Akẹ́kọ̀ọ́ wa lo wákàtí 4 láti tún A mẹ́ta náà ṣe. Wákàtí 9 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn 27, ló ti kọ́kọ́ lò láti sá fún un, A mẹ́ta náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Àtúnṣe àṣìṣe ní ọ́fíìsì ní ìwọ̀n tirẹ̀: ohun tó ṣì, ohun tó tọ́, ibi tó wà, ẹ̀bẹ̀ ẹyọ kan. "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Iye ìlà kẹta nínú ìròyìn àná jẹ́ 540,000 náírà, kì í ṣe 450,000. Mo ti fi èyí tó tọ̀nà mọ́ ọn. Ẹ má bínú mà." Bí ẹ bá bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ti sọ àṣìṣe tí ọ̀gá ìbá gbàgbé di ọ̀rọ̀ ìpàdé.

*Àyẹ̀wò:* iye tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àtijọ́ nínú ìwé yín. Kò di dandan kó bọ́ sí 0. Bí 80 bá di 70, ó ti yẹ̀.

Níbi tí ìtọ́sọ́nà yìí mọ

Bí àyà bá ń já yín lọ́pọ̀ ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oorun kò wá, tàbí tí ẹ ti ń pa ìdánwò tàbí iṣẹ́ jẹ nítorí ẹ̀rù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Àwọn dókítà máa ń lo ìbéèrè méje kan tí wọ́n ń pè ní GAD-7, tó ń wo ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò ju 21 lọ, 10 sókè sì fi hàn pé ó yẹ kí wọ́n yẹ yín wò dáadáa. Ilé ìwòsàn yunifásítì yín lè fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn, ní Aró l'Abẹ́òkúta, tàbí ní Yábàá. Ẹni tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NHS Talking Therapies láìkọ́kọ́ rí dókítà. Bí èrò pé kí ẹ pa ara yín bá ti yọjú, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lónìí.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ tún iye náà kà

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹ tún Ìgbésẹ̀ 1 ṣe fún ọjọ́ 7 pẹ̀lú irú iṣẹ́ kan náà. Ẹ má wo bó ṣe rí lára yín, iye ni kí ẹ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣí orí kẹta nígbà 6, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40. D rẹ̀ jẹ́ 9. Lọ́jọ́ kan ó ṣí i láago kan òru, ó sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Bí iye tiyín kò bá yí padà rárá, ẹ wo ìwé yín kí ẹ rí ibi tí àyẹ̀wò sá pamọ́ sí: ó sábà máa ń jẹ́ pé àyẹ̀wò fáìlì dín, ti bíbéèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ sì lé sí i. Ẹ gbé èyí tó lé náà lọ sí Ìgbésẹ̀ 2, kí ẹ kọ àsọtẹ́lẹ̀ tirẹ̀.